Ìbéèrè gáàsì ẹ̀jẹ̀: kí ẹ tó mú fọ́múlà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì kan má ya fọ́tò èsì gáàsì ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí wáàsáàpù, kó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fọ́múlà wo ni kí n lò?" Èsì kan náà ni mo máa ń fún gbogbo wọn: o ò tíì dé ibi fọ́múlà. Ìgbésẹ̀ kẹrin ni fọ́múlà wà, àwọn tó bá sì gbé e síwájú ló máa ń rí ìdáhùn tó dùn ún wò tí kò jóòótọ́.

Mo kọ èyí kí n lè máa fi ránṣẹ́ dípò kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lóru. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ máa ṣírò bí a ṣe ń lọ.

## Ohun tó yẹ kó wà níwájú yín

- pH: 7.35 sí 7.45
- PaCO2: 35 sí 45 mmHg
- HCO3: 22 sí 26 mmol/L
- Na àti Cl, láti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lásìkò kan náà
- álúbúmìnì, bó bá wà
- ìtàn aláìsàn: kí ló ṣe é, ọjọ́ mélòó ló sì ti ń ṣe é

Fún ìṣirò, ẹ fi àárín ṣe ìpìlẹ̀: pH 7.40, PaCO2 40, HCO3 24.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dákun, kPa ni ẹ̀rọ tiyín ń kọ. Gbogbo fọ́múlà tó wà nísàlẹ̀ yìí, mmHg ni wọ́n mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ iye náà di ìlọ́po 7.5. Bí PaCO2 bá jẹ́ 3.5 kPa, ó jẹ́ nǹkan bí 26 mmHg. Mo ti rí ẹni tó fi 3.5 gan-an sínú ìṣirò, tó wá ní aláìsàn náà ń mí ju bó ṣe yẹ lọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé èsì náà bá ara rẹ̀ mu?

Àwọn iye mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn so pọ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá ti mọ méjì, ẹ̀kẹta kò lè jẹ́ ohun tó wù ú. Ìdè tó so wọ́n pọ̀ nìyí:

```
H = 24 × PaCO2 ÷ HCO3
```

H yìí ni iye ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀, ní nmol/L. Láti mọ ohun tí pH sọ nípa rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ yọ nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́yìn àmì nínú pH kúrò nínú 80. pH 7.40: 80 dín 40, ó kù 40. pH 7.28: 80 dín 28, ó kù 52. Láàárín 7.25 sí 7.50 ni ọgbọ́n yìí ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá ti jáde níbẹ̀, ó máa ń ṣì ẹsẹ̀ gbé.

Ká sọ pé wọ́n fún yín ní pH 7.25, PaCO2 30, HCO3 24. pH ní H jẹ́ 55. Ìdè náà ní 24 × 30 ÷ 24, ìyẹn 30. 55 àti 30 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹnì kan ti ṣi nọ́ńbà kọ, tàbí kí HCO3 ti wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ má bá irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ síwájú rárá. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó lọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ìhà wo ni pH kọrí sí?

Bó bá wà nísàlẹ̀ 7.35, ásíìdì ti pọ̀ jù, asidósíìsì ló ń borí. Bó bá ju 7.45 lọ, alikalósíìsì ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn.

Bí pH bá wà láàárín, ẹ má tíì kọ "kò sí wàhálà". Ẹ wo PaCO2 àti HCO3. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní àyè wọn, ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé ara dá (ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa dé ìgbésẹ̀ karùn-ún). Bí àwọn méjèèjì bá ti ṣí kúrò ní àyè wọn tí pH sì jókòó pẹ̀sẹ̀, ẹ fura gidigidi. Mo máa fi irú rẹ̀ hàn yín nísàlẹ̀, torí òun ló kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ta ló dá a sílẹ̀?

PaCO2 ni ti ẹ̀dọ̀fóró: bó bá ròkè, ásíìdì pọ̀, bó bá wálẹ̀, ásíìdì dín. HCO3 ni ti ìhà kejì, tí à ń pè ní mẹtabọ́líìkì: bó bá ròkè, ásíìdì dín, bó bá wálẹ̀, ásíìdì pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi ara yín: nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ti pH lọ síbi tó wà yìí? Òun lẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, tó bá ń fa pH padà sí ọ̀nà kejì, ìrànlọ́wọ́ ló ń ṣe. Ìrànlọ́wọ́ yẹn là ń pè ní kọmpẹnséṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká lo ọkùnrin kan tó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta. pH 7.28, PaCO2 26, HCO3 12. Asidósíìsì ni. PaCO2 26 kò lè fa asidósíìsì láéláé, ńṣe ló yẹ kó lé ásíìdì lọ. HCO3 12 ló lè fà á. Nítorí náà mẹtabọ́líìkì ló dá a sílẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń sáré láti gbà á.

Ẹ wò ó dáadáa, àwọn méjèèjì jọ wálẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí àìsàn bá jẹ́ ẹyọ kan: PaCO2 àti HCO3 máa ń jọ ròkè tàbí kí wọ́n jọ wálẹ̀. Bí ọ̀kan bá ròkè tí èkejì wálẹ̀, bíi PaCO2 55 pẹ̀lú HCO3 17, kò sí ẹni tó ń ran ẹnì kankan lọ́wọ́ níbẹ̀. Àìsàn méjì ló ń lu ẹnì kan. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ kò nílò fọ́múlà láti mọ̀ ọ́n.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìsinsìnyí ni fọ́múlà wọlé

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fọ́múlà wá ṣe. Ó ń sọ fún yín bí ìrànlọ́wọ́ ṣe yẹ kó pọ̀ tó bí kò bá sí àìsàn mìíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ dárúkọ ní ìgbésẹ̀ kẹta ló ń yan fọ́múlà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kẹta fi ń mú kọ́kọ́rọ́ ilé ẹlòmíràn.

Bó bá jẹ́ asidósíìsì mẹtabọ́líìkì:

```
PaCO2 tó yẹ = (1.5 × HCO3) + 8, ± 2
```

Èyí ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Winters pè. Ọkùnrin onígbẹ́ gbuuru wa: 1.5 × 12 jẹ́ 18, pẹ̀lú 8 jẹ́ 26. Ohun tó yẹ jẹ́ 24 sí 28. Ohun tó ní jẹ́ 26. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe gẹ́lẹ́.

Ká ní PaCO2 rẹ̀ jẹ́ 34 ńkọ́? Ó kéré sí 35, akẹ́kọ̀ọ́ á sì sọ pé ó ń gbìyànjú. Rárá o. 34 ju 28 lọ, ìyẹn ni pé CO2 ti ń kó jọ sí i lára. Asidósíìsì ti èémí ti gun orí ti mẹtabọ́líìkì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé ó ti ń rẹ aláìsàn náà, àti pé ẹni tó ń fi mímí gbé ara rẹ̀ ró ti fẹ́ jáwọ́. Ó yẹ kí ẹ pe ẹni tó jù yín lọ kí ẹ tó parí ìṣirò. Bí PaCO2 bá wá wà nísàlẹ̀ 24, ó ń mí ju ohun tí asidósíìsì ń béèrè lọ, alikalósíìsì ti èémí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ alikalósíìsì mẹtabọ́líìkì:

```
PaCO2 tó yẹ = 40 + 0.7 × (HCO3 − 24), ± 5
```

Ẹni tó ti ń bì fún ọjọ́ mẹ́rin, HCO3 38: 38 dín 24 jẹ́ 14, ìlọ́po 0.7 jẹ́ bíi 10, PaCO2 tó yẹ jẹ́ nǹkan bí 50. Ṣùgbọ́n ara kò ní fẹ́ dẹ́kun mímí torí èébì, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n kí kọmpẹnséṣọ̀n yìí kọjá 55. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wá àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bó bá jẹ́ ti èémí, ibí ni wàhálà wà, torí kíndìnrín kì í kánjú. Ẹ̀dọ̀fóró lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì parí ìdáhùn rẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Kíndìnrín nílò ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Nítorí náà iye méjì ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti òjijì àti ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Fún 10 mmHg kọ̀ọ̀kan tí PaCO2 fi kúrò ní 40:

- PaCO2 ròkè lójijì: HCO3 ròkè pẹ̀lú 1
- PaCO2 ti ròkè fún ọjọ́ pípẹ́: HCO3 ròkè pẹ̀lú 4 (àwọn mìíràn ń lo 3.5)
- PaCO2 wálẹ̀ lójijì: HCO3 wálẹ̀ pẹ̀lú 2
- PaCO2 ti wálẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́: HCO3 wálẹ̀ pẹ̀lú 4 sí 5

Ẹ wo èsì yìí: pH 7.26, PaCO2 60, HCO3 26. PaCO2 fi 20 ròkè. Bó bá jẹ́ òjijì, HCO3 tó yẹ jẹ́ 24 pẹ̀lú 2, ìyẹn 26. Bó bá jẹ́ ti ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó yẹ kó jẹ́ 24 pẹ̀lú 8, ìyẹn 32.

Bí èsì yìí bá jẹ́ ti ọmọkùnrin ọdún 20 tó gbé tramadọ́ọ̀lù púpọ̀ jẹ lálẹ́ àná, tí wọ́n bá a tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tán: asidósíìsì ti èémí lójijì, kò sí ìkejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti bàbá ẹni ọdún 65 tó ti ń fa sìgá láti ìgbà èwe, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí HCO3 rẹ̀ ní klíníìkì oṣù tó kọjá sì jẹ́ 32, ọ̀rọ̀ ti yí padà. 26 tí ẹ rò pé ó dára yẹn, ó ti pàdánù 6. Nǹkan kan ń jẹ HCO3 rẹ̀: ó lè jẹ́ àrùn tó wọ ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ kíndìnrín. Nọ́ńbà kan náà, aláìsàn méjì, ìdáhùn méjì.

Kò sí fọ́múlà tó mọ ọjọ́. Ìtàn ló mọ ọ́n. Lórí ìdánwò, gbólóhùn kékeré bíi "ó ti ń lo ọkisíjìn nílé" ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún yín. Ní wọ́ọ̀dù, ẹ wá HCO3 àtijọ́ nínú fáìlì. Ó wúlò ju ìṣirò èyíkéyìí lọ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Àlàfo áníọ́nì, bí pH bá tilẹ̀ dára

```
AG = Na − (Cl + HCO3)
```

Ẹ fi 12 ṣe ìpìlẹ̀, àyàfi tí láàbù yín bá ní iye tirẹ̀. Bí AG bá ju 12 lọ dáadáa, ásíìdì àjèjì ti wọ ẹ̀jẹ̀: kítóònù, lákítéètì, ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò lé jáde, tàbí májèlé. Bí kò bá ga, HCO3 ló ṣòfò, tí Cl sì gba ipò rẹ̀.

Fún onígbẹ́ gbuuru wa, Na 138, Cl 114. 114 àti 12 jẹ́ 126. 138 dín 126, ó kù 12. Kò ga. Inú ìgbẹ́ ni HCO3 bá lọ, ó sì bá ìtàn mu. Asidósíìsì mẹtabọ́líìkì tí àlàfo rẹ̀ kò ga, kọmpẹnséṣọ̀n pé. Ẹ lè dúró níbí fún un.

Ìkìlọ̀ kan nípa álúbúmìnì. Apá tó pọ̀ jù nínú àlàfo 12 yẹn, álúbúmìnì ló ni ín. Bí álúbúmìnì bá dín, àlàfo á dín pẹ̀lú rẹ̀, ásíìdì àjèjì á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Fún 1 g/dL kọ̀ọ̀kan tí álúbúmìnì fi dín sí 4, ẹ fi 2.5 kún AG. Aláìsàn ẹ̀dọ̀ tí álúbúmìnì rẹ̀ jẹ́ 2, tí AG rẹ̀ jẹ́ 13 lórí bébà, 18 ni tirẹ̀ gan-an.

## Ìgbésẹ̀ 6: Èló ni HCO3 kí ásíìdì àjèjì tó dé?

Ìgbà tí AG bá ga nìkan lẹ máa ṣe èyí. Ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ásíìdì àjèjì tó bá wọlé máa ń jẹ HCO3, bí AG bá sì ṣe ga tó ni ó ń jẹ́rìí sí iye tó jẹ. Nítorí náà ẹ dá ohun tó jẹ padà:

```
HCO3 àtẹ̀yìnwá = HCO3 + (AG − 12)
```

Bí èsì bá wà nítòsí 24, ásíìdì àjèjì nìkan ni. Bó bá ju 26 lọ dáadáa, HCO3 ti pọ̀ tẹ́lẹ̀: alikalósíìsì mẹtabọ́líìkì wà lábẹ́. Bó bá kéré sí 22 dáadáa, HCO3 ti ń ṣòfò lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Àwọn ìwé kan máa ń pín (AG − 12) sí (24 − HCO3), kí wọ́n wá wò ó bóyá ó wà láàárín 1 sí 2. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Èmi fẹ́ràn àròpọ̀, torí ojú kì í ṣókùnkùn sí i ní aago mẹ́ta òru.

Ẹ má fi í ṣe òfin irin. Ìṣìṣe kékeré nínú Na, nínú Cl àti nínú HCO3 lè kóra jọ sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí. 27 tàbí 28 kò tó ohun tí à ń fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. 34 tó bẹ́ẹ̀.

## Èsì tó tàn mí jẹ: pH 7.40

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe háúsìmáànù, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan wá lóru. Àtọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló ní, ínsúlínì sì ti tán nílé láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti bì títí kò fi sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, ó sì ń mí gùlegùle. Èsì jáde:

- pH 7.40
- PaCO2 20
- HCO3 12
- Na 138, Cl 88

Mo wo pH, ọkàn mi balẹ̀. Mo kọ sínú fáìlì pé "kọmpẹnséṣọ̀n ti pé pérépéré". Dókítà àgbà tó ń ṣe àbójútó wa gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò bo pH mọ́lẹ̀, ó ní, "Ka ìyókù fún mi." Bí mo ṣe ń kà á ni òógùn ń bọ́. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀.

1. Ó bá ara rẹ̀ mu: 24 × 20 ÷ 12 jẹ́ 40, pH 7.40 náà ní 40. Ẹ̀rọ kò purọ́.

2. pH wà láàárín gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n PaCO2 fi ìlàjì wálẹ̀, HCO3 náà fi ìlàjì wálẹ̀. Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Kọmpẹnséṣọ̀n kì í sábà dá pH padà sí 7.40. Ohun tó ń ti ara láti ṣe ìrànlọ́wọ́ ni pH tó yà sọ́tọ̀. Bí pH bá ti ń sún mọ́ ilé, ìtì náà á rọ̀. Alikalósíìsì ti èémí tó ti pẹ́ lè sún mọ́ ọn gan-an, asidósíìsì ti èémí tó mọ níwọ̀n tó sì ti pẹ́ náà lè wọ àárín 7.35 sí 7.45. Ṣùgbọ́n asidósíìsì mẹtabọ́líìkì tí HCO3 rẹ̀ jẹ́ 12, tí pH sì jẹ́ 7.40? Kò sí. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń fà á lọ sókè.

3. Ta ló dá a sílẹ̀? pH kò fẹ́ sọ. Nígbà tí pH bá dákẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí AG sọ̀rọ̀, ẹ fo lọ sí ìgbésẹ̀ karùn-ún ná: 138 dín (88 àti 12), ó kù 38. Kò sí kọmpẹnséṣọ̀n tó lè gbé AG dé 38. Asidósíìsì mẹtabọ́líìkì wà níbẹ̀ dájúdájú, kítóònù sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a máa fura sí. A ti rí ẹnu ọ̀nà tí a máa gbà wọlé.

4. Fọ́múlà rẹ̀: 1.5 × 12 pẹ̀lú 8 jẹ́ 26, ìyẹn 24 sí 28. Ohun tó ní jẹ́ 20. Ó ń mí ju ohun tí kítóònù ń béèrè lọ. Alikalósíìsì ti èémí ni ìkejì. Ikọ́ àti ara gbígbóná ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: òtútù àyà ni.

5. HCO3 àtẹ̀yìnwá: 12 pẹ̀lú (38 dín 12), ìyẹn 12 pẹ̀lú 26, jẹ́ 38. Kí kítóònù tó dé, HCO3 rẹ̀ ti ga dé 38. Èébì ló kó ásíìdì inú ikùn rẹ̀ dà nù. Alikalósíìsì mẹtabọ́líìkì ni ìkẹta. Cl 88 náà ń jẹ́rìí, torí Cl máa ń bá èébì jáde.

Àìsàn mẹ́ta, pH 7.40. Méjì ń fà á sókè, ọ̀kan ń fà á sísàlẹ̀, okùn náà sì dúró lójú kan. Ká ní mo tẹ̀ lé ohun tí mo kọ, ínsúlínì rẹ̀ ì bá falẹ̀, oògùn òtútù àyà ì bá sì dúró di òwúrọ̀.

Ẹnì kan á béèrè pé, bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró wọlé ńkọ́? Ẹ gbìyànjú rẹ̀. PaCO2 fi 20 wálẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́jọ́ pípẹ́, HCO3 tó yẹ jẹ́ 14 sí 16. Ó ní 12, ó kéré jù. Asidósíìsì mẹtabọ́líìkì tún yọjú. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì já sí yàrá kan náà, bí ẹ bá ti bi AG léèrè.

## Àṣìṣe tí mò ń rí jù

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn fi fọ́múlà Winters wo gbogbo èsì tí HCO3 rẹ̀ bá ti kéré. HCO3 lè kéré torí pé kíndìnrín ń ran ẹni tó ń mí jù lọ́wọ́. Aboyún jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: PaCO2 rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 30, HCO3 rẹ̀ ní nǹkan bí 20, ara rẹ̀ sì dá. Bí ẹ bá rí aboyún tó ní ikọ́ fée tí PaCO2 rẹ̀ jẹ́ 40, ẹ má sọ pé "ó wà ní àyè rẹ̀". Ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni láti máa pe kọmpẹnséṣọ̀n ní àìsàn. Bí PaCO2 onígbẹ́ gbuuru bá bá fọ́múlà mu, kò ní "alikalósíìsì ti èémí". Ìrànlọ́wọ́ ni, orúkọ àìsàn kan ṣoṣo lẹ máa kọ.

Ẹ̀kẹta wà nínú sírínjì, kì í ṣe nínú orí. Kí ẹ tó gba èsì gbọ́, ẹ béèrè pé:

- Ṣé inú iṣan àlọ ni wọ́n ti fà á, àbí iṣan àbọ̀? Ti àbọ̀ máa ń ní CO2 tó ga díẹ̀ àti pH tó rẹlẹ̀ díẹ̀.
- Ṣé afẹ́fẹ́ wà nínú sírínjì? Ó máa ń fa CO2 wálẹ̀.
- Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ kó tó dé orí ẹ̀rọ? Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń mí: CO2 á ròkè, pH á wálẹ̀.
- Ṣé héparínì olómi pọ̀ jù nínú sírínjì? Ó máa ń fi omi la ẹ̀jẹ̀, kí CO2 àti HCO3 jọ wálẹ̀, kó dà bí asidósíìsì mẹtabọ́líìkì tí ara ti ràn lọ́wọ́.

## Ẹ dán ti ara yín wò

Ọmọbìnrin yẹn náà ni, lọ́jọ́ kejì. Ó ti gba ínsúlínì, ó ti gba oògùn òtútù àyà, èébì ti dúró, omi iyọ̀ 0.9% púpọ̀ sì ti wọ iṣan rẹ̀. Ó jókòó, ó ń béèrè ẹ̀kọ. Èsì: pH 7.33, PaCO2 31, HCO3 16, Na 140, Cl 110. Háúsìmáànù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní kítóònù ti padà, ó fẹ́ fi kún ínsúlínì. Ẹ ṣe tiyín ná kí ẹ tó ka ìdáhùn.

Ìdáhùn: 24 × 31 ÷ 16 jẹ́ 46.5, pH ní 47, ó bára mu. Asidósíìsì ni, HCO3 ló dá a sílẹ̀. 1.5 × 16 pẹ̀lú 8 jẹ́ 32; ó ní 31, ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mímí àjù ti òtútù àyà ti lọ. AG: 140 dín 126, ó kù 14, nígbà tó jẹ́ 38 lánàá. HCO3 àtẹ̀yìnwá: 16 pẹ̀lú 2, ìyẹn 18, ó kéré. Kítóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Cl inú omi iyọ̀ tí a fún un ló gba ipò HCO3, kíndìnrín rẹ̀ yóò sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. A kò fi kún ínsúlínì. A fún un ní ẹ̀kọ.